Gbèsè àtijọ́ tí àsìkò ẹjọ́ rẹ̀ ti kọjá: ṣé owó kékeré lè jí i dìde?

Láyé àwọn baba wa, tí gbèsè bá pẹ́ jù, olówó á rán ológò lọ síwájú ilé onígbèsè. Ológò á jókòó síbẹ̀, á máa pariwo, á máa béèrè oúnjẹ, kò sì ní í dìde títí wọn á fi sanwó. Lónìí, ẹni tó ń gba gbèsè kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó máa ń pe fóònù ni, tàbí kó gun ọ̀kadà wá láti Djougou tàbí Parakou pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń sọ fún àwọn ará wa ní Pénéssoulou, Bassila àti Manigri kì í ju ọ̀kan lọ: “Ẹ ṣáà fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré, kí ọ̀gá mi lè rí i pé ẹ ò sá.”

Ṣé kí èèyàn fún un? Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tú palẹ̀ nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun kan ṣoṣo: ọjọ́ tí ẹ san owó kékeré náà. Bí ẹ bá san án kí àsìkò ẹjọ́ tó parí, ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá san án lẹ́yìn tó ti parí, ọ̀tọ̀ ni.

Ọdún mélòó ni àsìkò náà?

Orílẹ̀-èdè Benin wà lára àwọn ilẹ̀ tó ń lo òfin ìṣòwò OHADA. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní ìlú Lómè ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ẹsẹ̀ 16 rẹ̀ sọ pé gbèsè tó bá ti inú òwò wá, yálà láàárín oníṣòwò méjì tàbí láàárín oníṣòwò àti ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò, ọdún 5 ni olówó ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́, àfi tí òfin mìíràn bá fún un ní àsìkò tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú àsìkò kúkúrú bẹ́ẹ̀ wà: tí oníṣòwò bá ta ọjà àwìn fún oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀, ọdún 2 péré ni. Ṣùgbọ́n owó tí ará yá ará, tí kò ní òwò nínú, òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Faransé ló ń darí ìyẹn, ọdún 30 ló sì fún un. Torí náà, kí ẹ tó sọ pé gbèsè kan ti pẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé irú gbèsè wo ni.

Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gba owó ni a ti ń ka ọdún yìí. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án padà ni, torí ọjọ́ náà ni olówó mọ̀ pé ẹ ò san.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: lẹ́tà, ìpè lórí fóònù, àti kí wọ́n wá bá yín jà nílé kì í dá kíka ọdún yìí dúró. Ohun mẹ́ta ló ń gé e tí kíkà fi ń bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Àkọ́kọ́, kí olówó pe ẹjọ́. Èkejì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára òfin gba dúkìá yín. Ẹ̀kẹta ni èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa: kí ẹ̀yin fúnra yín gbà pé ẹ jẹ gbèsè náà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó

Ká sọ pé ìyá kan ní Pénéssoulou ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, ó yá 600,000 sẹfà lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá kan láti fi ra ọjà. Wọ́n kọ ìwé pé á san án padà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún náà. Ọjà ò lọ bó ṣe rò, kò san. Oníṣòwò ni àwọn méjèèjì, owó òwò sì ni, torí náà ọdún 5 ni. Bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀, àsìkò ẹjọ́ parí ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 2022.

Ọ̀nà kìíní: Ká ní ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, ìyá náà fi 20,000 ránṣẹ́ sí olówó lórí fóònù, ó ní “ẹ mú èyí ná, mò ń bọ̀ wá san ìyókù.” Àsìkò ò tíì parí lọ́jọ́ náà, ó ku ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Owó kékeré yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ó gbà pé òun jẹ gbèsè. Ohun tó ti kọjá nínú ọdún 5 náà parẹ́, ọdún 5 tuntun bẹ̀rẹ̀, ó di oṣù Kẹta ọdún 2026. Kì í sì í ṣe 20,000 nìkan ni ọdún tuntun náà kàn. Gbogbo 580,000 tó kù ni. Ẹ ò rí i pé owó kékeré ti ra nǹkan bí ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ fún olówó.

Ọ̀nà kejì: Ká ní ìyá náà ò san kọ́bọ̀ títí di ọdún 2024. Ẹnì kan wá, ó ní olówó ló rán òun, ó gba 5,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Àsìkò ti parí láti ọdún 2022. Ohun tó ti parí, kò sí bí èèyàn ṣe lè gé e kó tún bẹ̀rẹ̀. Torí náà, 5,000 náà fúnra rẹ̀ ò fún olówó ní ọdún 5 tuntun.

Àmọ́ ẹ má yára yọ̀. Òfin gbà kí onígbèsè yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tí àsìkò tó kọjá fún un. Ó lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ tàbí kó kọ ọ́. Ó sì lè hàn nínú ìwà rẹ̀, tí ìwà náà bá hàn kedere débi pé kò sí iyèméjì nínú rẹ̀. Ibí ni ìjà máa ń wà. Agbẹjọ́rò olówó á ní 5,000 yẹn fi hàn pé ìyá náà ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ti ìyá náà á ní kò mọ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́ kankan, ó kàn fẹ́ kí ọkùnrin náà fi òun lọ́rùn sílẹ̀ ni. Adájọ́ ló máa wò ó. Owó díẹ̀ tí èèyàn fún ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, láìsí ìwé, ṣòro láti pè ní ohun tí kò ní iyèméjì.

Ìwé ló léwu ju owó lọ

Ẹ wo ìwé tí ẹni tó gba 5,000 náà fẹ́ kí ìyá yìí tẹ̀ka sí. Lókè, wọ́n kọ pé òun gba 5,000. Nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ pé: “Mo gbà pé mo ṣì jẹ 595,000, mo sì ṣèlérí láti máa san án lóṣooṣù.” Rìsíìtì kọ́ nìyẹn mọ́. Ìlérí tuntun ni. Bó bá fọwọ́ sí i, iyèméjì tí ì bá gbà á sílẹ̀ ti lọ.

Kò sì di ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ka. Nínú ọ̀rọ̀ òwò, OHADA gbà kí oníṣòwò fi irú ẹ̀rí èyíkéyìí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ níwájú oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lórí Wátsáàpù, “ẹ ní sùúrù, màá san gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn kajú ọdún yìí,” lè dé iwájú adájọ́. Èyí tí olówó fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ pé “ó san 2,000” ni kò tó, torí ọ̀dọ̀ onígbèsè ni gbígbà náà gbọ́dọ̀ ti wá. Bákan náà, tí ọmọ yín kan ní Kútọnu bá fi owó ránṣẹ́ sí olówó láìsọ fún yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ gbà pé ẹ jẹ gbèsè.

Ohun tí ẹ máa ṣe

Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ẹ má sanwó, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè ìwé gbèsè, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án, ọjọ́ tí ẹ san nǹkan kẹ́yìn, àti ìwé tó fi hàn pé olówó ló rán ẹni náà. Ẹ fi ọjọ́ méjèèjì ka ọdún.

Tí ó bá jẹ́ àṣẹ ìsanwó ilé ẹjọ́ ni wísíè mú wá, ìyẹn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Adájọ́ kì í fúnra rẹ̀ sọ pé àsìkò ti kọjá. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ lè fi tako àṣẹ náà kò pọ̀ rárá, ó sì wà nínú ìwé tí wísíè fún yín. Ẹ ka ìwé náà lọ́jọ́ tí ó dé, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹni tó lè kà á. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ ni “opósísíọ̀n”, ìdí rẹ̀ sì ni “pirẹsikiripusiọn”. Tí ẹ bá dákẹ́, àṣẹ náà á fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí gbèsè tí ẹ ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ìdájọ́ bá sì ti wà lórí gbèsè náà tẹ́lẹ̀, ọdún 5 tí a ń sọ yìí kọ́ ni ẹ máa kà.

Òfin ò pa gbèsè náà fúnra rẹ̀, agbára láti fi ẹjọ́ gbà á ló pa. Ìdí nìyí tí ẹ ò fi lè gba 5,000 tí ẹ ti san padà, kódà tí àsìkò bá ti kọjá kí ẹ tó san án. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé gbèsè wà lọ́rùn èèyàn títí dé iwájú Ọlọ́run. Ẹni tó bá fẹ́ san nítorí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lè san. Kó kàn jẹ́ pé iye tí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni, kí olówó fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ kó fọwọ́ sí i pé owó yìí parí ọ̀rọ̀ náà, òun ò ní béèrè ìyókù mọ́.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti ibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Òfin ọdún 1980 wọn fún gbèsè ìwé àdéhùn lásán ní ọdún 6. Owó kékeré tí a san kí ó tó pé ń tún un bẹ̀rẹ̀ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n tí ọdún 6 bá ti pé, òfin náà sọ ọ́ kedere pé kò sí ìsanwó tàbí ìwé tó lè jí ẹjọ́ náà dìde mọ́. Níbẹ̀, ìwé kékeré lẹ́yìn àsìkò kì í pa onígbèsè lára. Lọ́dọ̀ tiwa, ó lè pa á lára.