Ìgbà wo ni èrè ilé ń di èrè? Ìtàn owó orí èrè dúkìá nílùú Ọba

Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, mi ò tíì sùn, ẹ má wo ojú mi. Birchmere Park ni mo wà níbí ní Thamesmead, mo ní kí n rìn yípo adágún omi yìí lẹ́ẹ̀kan kí n tó wọlé. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn mi, àwọn onílé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí kan níbi iṣẹ́ ló gbé mi jáde lónìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta fúláàtì wọn nítòsí ibí. Àbúrò wọn tó wà ní Houston ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ilé téèyàn bá ti dì mú ju ọdún 1 lọ, owó orí rẹ̀ máa ń dín kù. Àǹtí wá ní ọdún 15 làwọn fi dì í mú, ǹjẹ́ kí ló tún kù táwọn máa san? Mo bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n ti parí títà. Wọ́n ní ọjọ́ 21. Àyà mi já. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Àbúrò wọn kò parọ́ o. Láti òfin ọdún 1921 ni Amẹ́ríkà ti ń fojú rere wo èrè dúkìá tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ọdún 2 ni wọ́n kọ́kọ́ ní kéèyàn fi dì í mú, lónìí ó ti di ju ọdún 1 lọ. Àmọ́ òfin Amẹ́ríkà nìyẹn. Ìlú Ọba náà ti gbìyànjú irú ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n sì ti pa á tì. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ewúrẹ́ ṣàpèjúwe. Ẹ ra ewúrẹ́ kan ní ₦20,000, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ó sanra, ọjà gbówó lórí, àwọn tó ń kọjá ní ó ti tó ₦70,000. ₦50,000 tó lé yẹn, ara ewúrẹ́ ló ṣì wà. Bí ewúrẹ́ bá kú lálẹ́ òní, ó bá a lọ. Èrè tí kò tíì bọ́ sọ́wọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá tà á, tí owó balẹ̀, ọjọ́ yẹn ni èrè bọ́ sọ́wọ́. Owó orí èrè dúkìá, tí ẹ máa rí lójú ìwé HMRC gẹ́gẹ́ bí Capital Gains Tax, ọjọ́ títà ló ń dúró dè. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth dé Abbey Wood lọ́dún 2022, tí gbogbo wa ń wo iye ilé lórí fóònù, kò sẹ́ni tó jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀ nítorí pé iye ilé rẹ̀ gòkè.

Ó dáa. Kí ọdún 1962 tó dé, bí èèyàn bá ta ilẹ̀, ilé tàbí ìpín ilé-iṣẹ́ lérè nílùú Ọba, kì í san owó orí lórí èrè náà, àfi bó bá jẹ́ pé rírà àti títà wọn ni iṣẹ́ rẹ̀. Owó oṣù nọ́ọ̀sì ń san owó orí, èrè ẹni tó ra ilẹ̀ tó sì tún un tà kì í san. Lọ́dún 1962, Selwyn Lloyd tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó mú òfin kan wá. Ó ní bí ẹ bá ra ìpín ilé-iṣẹ́ tí ẹ sì tà á láàárín oṣù 6, tàbí tí ẹ ra ilẹ̀ tí ẹ sì tà á láàárín ọdún 3, ẹ máa san owó orí lórí èrè rẹ̀ bí ẹni pé owó oṣù ni.

Ẹ wo ibi tí òfin yẹn ti jò. Ẹni tó ta ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ 1 kí ọdún 3 pé máa san owó orí. Ẹni tó dúró kọjá ọdún 3 kò ní san nǹkan kan. Èrè kan náà, ilẹ̀ kan náà. Ẹni tó lówó tó lè dúró máa dúró, ẹni tí wàhálà ń lé ló máa san.

Lọ́dún 1965, James Callaghan tó wà nípò yẹn nígbà náà dá owó orí èrè dúkìá tòótọ́ sílẹ̀: 30%. Èrè tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1965 nìkan ni wọ́n ń kà. Ó sì yọ ilé téèyàn fúnra rẹ̀ ń gbé sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ la ń lọ. Thamesmead tí mo dúró sí yìí, ọdún 1968 ni àwọn àkọ́kọ́ wọ ilé wọn níbí, owó orí yìí fi ọdún 3 ṣe ẹ̀gbọ́n fún un.

Nígbà yẹn, bí èèyàn bá kú, òfin ka ikú sí títà. Ọdún 1971 ni wọ́n mú ìyẹn kúrò. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fòpin sí òfin àkókò kúkúrú tí Lloyd mú wá. Títí dòní, ẹni tó jogún ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà tirẹ̀ láti iye tí ilé náà tó lọ́jọ́ ikú.

Ọ̀wọ́ngógó wá dé láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ẹni tó ra dúkìá ní £20,000 tó tà á ní £40,000, nígbà tí búrẹ́dì náà ti di ìlọ́po méjì, kò jèrè kan, síbẹ̀ ìjọba ń gba owó orí lórí £20,000. Lọ́dún 1982, Geoffrey Howe gbà pé kí wọ́n máa yọ ipa ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú èrè. Bí ẹ bá ṣe dì í mú pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n máa yọ ṣe máa pọ̀ tó. Lọ́dún 1998, Gordon Brown fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀: kí èrè tí wọ́n máa ka máa dín díẹ̀díẹ̀ bí ọdún bá ṣe ń lọ. Fún ilé téèyàn fi ń gba owó háyà gbígbé, bó bá di í mú ọdún 10, 40% èrè náà máa kúrò. Lọ́dún 2008 ni Alistair Darling pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó fi 18% kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ilé tàbí ìpín ilé-iṣẹ́ ṣe pẹ́ lọ́wọ́ yín kò dín owó orí rẹ̀ kù. Ọdún 1 tàbí ọdún 15, bákan náà ni. Àwọn tó ń ta okòwò tiwọn ló ṣì ní àǹfààní kan tó ń béèrè ọdún 2. Ní ti ilé, kì í ṣe ọdún tí ẹ fi ní in ni ìjọba ń bi yín, ọdún tí ẹ fi gbé inú rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àǹtí. Mo ti yí àwọn òǹkà wọn padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Wọ́n ra fúláàtì náà ní oṣù kẹfà ọdún 2010 ní £150,000. Wọ́n gbé inú rẹ̀ títí di oṣù kẹfà ọdún 2018, wọ́n kó lọ sílé tó tóbi jù ú lọ, wọ́n sì fi fúláàtì háyà. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n tà á ní £300,000. Owó lọ́yà àti ti àwọn tó bá wọn tà á jẹ́ £6,000 ní àpapọ̀. Nítorí náà, èrè jẹ́ £144,000.

Oṣù 180 ni wọ́n fi ní fúláàtì náà. Wọ́n gbé inú rẹ̀ fún oṣù 96. Òfin tún bùn wọ́n ní oṣù 9 tó kẹ́yìn, bí wọn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, torí pé ilé wọn ni nígbà kan rí. Oṣù 36 ni ẹ̀bùn yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n gé e sí 18 lọ́dún 2014, wọ́n tún gé e sí 9 lọ́dún 2020. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù 105. Nínú £144,000, ìpín oṣù 105 nínú 180 jẹ́ £84,000, ìyẹn bọ́. £60,000 ló kù. Olúkúlùkù ní £3,000 tí wọn kì í fọwọ́ kàn lọ́dún. £12,300 ni títí di ọdún owó orí 2022 sí 2023. Ó ku £57,000.

Owó oṣù Àǹtí àti èrè háyà wọn lọ́dún jẹ́ £35,270. Ibi tí owó orí kékeré parí sí ni £50,270, nítorí náà àyè £15,000 ṣì wà níbẹ̀: 18% rẹ̀ jẹ́ £2,700. £42,000 tó kù wọ 24%, ìyẹn £10,080. Àpapọ̀ jẹ́ £12,780. Àǹtí jókòó sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó dùn mí jù rèé. Lọ́dún 2020, nígbà tí iye fúláàtì ti gòkè, wọ́n tún mọ́gééjì ṣe, wọ́n yá £60,000 sí i, wọ́n fi kọ́lé sí Ìbàdàn. Ọjọ́ yẹn, kò sí owó orí, torí yíyá kì í ṣe títà. Èrè kò tíì bọ́ sọ́wọ́ lójú òfin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n tà á, báǹkì gba gbèsè rẹ̀ padà, owó tó bọ́ sọ́wọ́ Àǹtí wá kéré gan-an. Wọ́n rò pé owó kékeré yẹn ni ìjọba máa wò. Rárá o. Iye tí ẹ rà á àti iye tí ẹ tà á ni ìjọba ń wò, kò kan mọ́gééjì. Wọ́n sì ti fẹ́ fi èyí tó kù ránṣẹ́ sílé kí àwọn bíríkìlà lè kan òrùlé.

Ìdí tí àyà mi fi já nìyí: bí owó orí bá wà lórí ilé téèyàn tà níhìn-ín, ọjọ́ 60 péré ni ẹ ní láti ìgbà tí títà bá parí, láti sọ fún HMRC àti láti sanwó. Ìtanràn bẹ̀rẹ̀ láti £100, èlé sì ń gun owó náà. Ọjọ́ 39 ló kù fún Àǹtí. Wọ́n ti rí aṣírò-owó, òrùlé Ìbàdàn á dúró díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo kí n tó lọ. Bí ẹ bá fi irú fúláàtì bẹ́ẹ̀ ta ọmọ yín lọ́rẹ, tí ẹ ò gba kọ́bọ̀, òfin máa ṣe bí ẹni pé ẹ tà á fún un ní iye tí ọjà ń pè é lọ́jọ́ náà. Owó orí á jáde, owó tí ẹ máa fi san án kò ní sí. Ti ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n jọ ń gbé yàtọ̀: ẹnì kan lè fi lé èkejì lọ́wọ́ láìsan nǹkan kan, ẹni tó gbà á ló máa gbé òǹkà àtijọ́ náà lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti kó kúrò nílé kan tí ẹ fi háyà, ẹ wá ìwé ọjọ́ tí ẹ rà á, ti ọjọ́ tí ẹ kó jáde, àti rìsíìtì lọ́yà. Ẹ kó wọn sójú kan lónìí. Ọjọ́ tí ẹ̀yin àti ẹni tó ń rà á bá pààrọ̀ ìwé àdéhùn títà ni òfin ń kà sí ọjọ́ títà, ẹ ṣírò kí ọjọ́ yẹn tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 21.

Oorun ti ń kùn mí. Mo ń lọ sílé. Ó dàbọ̀ o.