Yíyẹ Bíìlì Agbaṣẹ́ṣe Wò Láti Ara Pílánì ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Bíìlì ni ìwé tí agbaṣẹ́ṣe fi ń sọ bí iṣẹ́ inú ilé kan ti pọ̀ tó àti iye tí yóò gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: kòtò ìpìlẹ̀, kọnkéré, búlọ́ọ̀kù, rírẹ́ ògiri, òrùlé. Ohun méjì ló máa ń wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwọ̀n iṣẹ́ àti owó ẹyọ. Orí owó ẹyọ ni ọ̀pọ̀ onílé ti máa ń dúnàádúrà, nítorí òun ni wọ́n lè béèrè lọ́jà. Wọn kì í fọwọ́ kan ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n gan-an ni ẹni tó ní pílánì, rúlà àti bírò lè fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Kúántítì sáfíyọ̀ ló ni iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. 1969 ni ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀, òfin tó sì ń darí iṣẹ́ náà jáde ní 1986. Ṣùgbọ́n ilé àdáni kì í sábà rí sáfíyọ̀ gbà, nítorí náà ọwọ́ onílé ni àyẹ̀wò náà ń bọ́ sí.

Kí a tó wọn ohunkóhun, pílánì fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí a bá kọ 1:100 sí i, sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ìwé dúró fún mítà 1 lórí ilẹ̀, ògiri oní-mítà 12 sì gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 lójú rúlà. Bí wọ́n bá ti sún pílánì náà láti ìwé ńlá sí ìwé kékeré níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì, ó lè ti di sẹ̀ǹtímítà 8.5, gbogbo ohun tí a bá sì fi rúlà wọ̀n lórí rẹ̀ yóò dín kù. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ̀ lé nọ́ńbà tí a kọ sára àwòrán ju ohun tí rúlà bá sọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ilẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Láti ìta dé ìta, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 9, gbogbo ògiri rẹ̀ sì nípọn tó mítà 0.225, ìyẹn búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án. Ògiri inú kan gba gígùn ilé já, méjì mìíràn sì dá a kọjá, yàrá mẹ́fà ló sì jáde. Agbaṣẹ́ṣe tó ń kánjú yóò ka ìta yípo, 42, yóò fi 12 àti 9 lẹ́ẹ̀mejì kún un, yóò sì pè é ní mítà 72. Ó ti ka orígun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ka ibi tí ògiri inú ti wọnú ògiri mìíràn pẹ̀lú. Àárín ògiri ni sáfíyọ̀ máa ń tọ̀. Láti inú 42, yóò yọ 0.225 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó ku jẹ́ 41.10. Ògiri inú tó gùn jẹ́ 11.55 láti ojú ògiri dé ojú ògiri, àwọn méjì tó dá a kọjá sì jẹ́ 8.325 lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 69.30. Ìyàtọ̀ náà kò tó mítà 3, ó sì lè dà bí ohun tí kò tó ariwo, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ lé iṣẹ́ láti inú kòtò títí dé ọ̀dà.

Ibi tí owó ti ń lọ jù lára ògiri ni ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Bí ògiri bá ga ní mítà 3, 69.30 yóò di sikúẹ́ mítà 207.90. Nínú rẹ̀ ni a ó ti yọ fèrèsé mẹ́jọ oní 1.20 lọ́nà 1.20, ilẹ̀kùn iwájú oní 1.20 lọ́nà 2.10, àti ilẹ̀kùn mẹ́fà yòókù oní 0.90 lọ́nà 2.10. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 25.38, ògiri gidi sì di 182.52. Bí bíìlì bá kọ 216, ìyẹn 72 lọ́nà 3 láìyọ ohunkóhun, ó ti fi ohun tó lé ní sikúẹ́ mítà 33 lé e. Búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń kà sí sikúẹ́ mítà kan pẹ̀lú èyí tó máa fọ́, nítorí náà ó lé ní búlọ́ọ̀kù 330 tí onílé yóò san owó rẹ̀ láìrí i. Ojú méjì ni a sì ń rẹ́ ògiri, nítorí náà àṣìṣe kan náà yóò di nǹkan bí sikúẹ́ mítà 67 lórí ìlà rírẹ́. Nígbà tí nọ́ńbà rírẹ́ bá jẹ́ ìlọ́po méjì nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù gẹ́lẹ́, tí búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ sì jẹ́ gígùn lọ́nà gíga láìsí àbùkù, a ti mọ̀ pé wọn kò yọ fèrèsé.

Ohun tí mo ti sọ yìí bá ilé níbikíbi mu. Ohun tó jẹ́ ti Àkókó ni ilẹ̀ rẹ̀. Láti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá dé Ọ̀kà, òkè àti àpáta ló yí ilé ká, ọ̀pọ̀ ilé ló sì wà lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Pílánì kì í fi àpáta tó wà nísàlẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bí ilẹ̀ ṣe lọ sísàlẹ̀ hàn, àyàfi tí ayàwòrán bá ṣe ti ẹ̀gbẹ́ ilé pẹ̀lú.

Ẹ wo kòtò. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 0.675, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ 0.90, gígùn kòtò ilé wa yóò jẹ́ mítà 67.05, nítorí kòtò fẹ̀ ju ògiri lọ, ti inú sì ń tètè kan ti ìta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì mítà 40.73. Gbígbẹ́ àpáta wọ́n ju gbígbẹ́ ilẹ̀ lásán lọ, nítorí náà bíìlì tó bá kó gbogbo 40.73 sí owó àpáta kò dára. Bí a bá kan àpáta ní 0.40 lórí mítà 30 nínú kòtò náà, kìkì 0.50 tó kù nísàlẹ̀ ni àpáta, ìyẹn kúbíìkì mítà 10.1. Bí ẹ́ńjíníà bá sì gbà kí kọnkéré jókòó lórí àpáta tó le dáadáa níbẹ̀, a kò gbẹ́ 10.1 yẹn rárá, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wà. Kò sí bí a ṣe lè mọ èyí lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti bo kòtò. Nígbà tó ṣì ṣí sílẹ̀ ni onílé àti agbaṣẹ́ṣe yóò jọ wọ̀n ọ́n, wọn yóò kọ jíjìn rẹ̀ àti ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ burú ju àpáta lọ nítorí kì í dún. Ká ní ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní mítà 1.20 láti orí kan ilé dé orí kejì, tí ìpìlẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e ní àtẹ̀gùn. Bí ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta bá tó lápá òkè kí a tó dé ojú ilẹ̀ yàrá, apá ìsàlẹ̀ yóò gba bí mẹ́jọ. Ìdajì àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ márùn-ún àbọ̀. Bí bíìlì bá ka mẹ́jọ yípo, ó ti fi ìlà méjì àbọ̀ lé gbogbo mítà 69.30, ìyẹn nǹkan bíi sikúẹ́ mítà 43, tàbí búlọ́ọ̀kù tó ju 400 lọ. Èyí pọ̀ ju ti fèrèsé lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan lórí pílánì tí yóò tú u fó. Rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń wá lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni a ó fi wọn orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nípa òrùlé, ohun kan ló ṣòro: páànù ń tẹ̀ lé ìdagun òrùlé, nítorí náà ó ju ilẹ̀ tó bò lọ. Bí etí rẹ̀ bá yọ 0.60 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ tó bò jẹ́ 13.20 lọ́nà 10.20, ìyẹn 134.64. Fún ìdagun oní-dígírì 30, a ó pín in pẹ̀lú 0.866, yóò sì di nǹkan bí 155. Ìṣirò kan náà ni fún òrùlé tó dagun lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì àti èyí tó dagun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin, bí ìdagun wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí oní-mẹ́rin kàn ń fi páànù ṣòfò jù nígbà tí a bá ń gé e ni.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni jìbìtì. Bí nọ́ńbà agbaṣẹ́ṣe bá fi díẹ̀ ju tiwa lọ, a lè fi í sí ohun tó ṣòfò. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju tiwa, kí onílé béèrè ìwé ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó wọ̀n lóòótọ́ yóò ní ìwé yẹn lọ́wọ́. Èyí tí kò ní in kò tíì wọn ilé náà, kí onílé má sì fọwọ́ sí bíìlì rẹ̀.