Kápà: Ohun Tí A Ń Yọ Kúrò Nínú Ìfohùnṣọ̀kan Olùyẹ̀wò Méjì

Ní 1947, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú onímọ̀ ìṣirò Jacob Yerushalmy, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n fẹ́ mọ irú fíìmù ẹ́síréè tó dára jù láti fi wá àrùn náà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n fi oríṣiríṣi fíìmù ya àyà àwọn ènìyàn kan náà, wọ́n sì kó àwòrán náà fún dókítà mélòó kan láti kà. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín dókítà kan sí èkejì ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín fíìmù kan sí òmíràn lọ. Kódà, bí wọ́n bá tún gbé àwòrán kan náà fún dókítà kan náà, ó lè sọ òdìkejì ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yìí ti di gbòógì: bí ẹni méjì bá yẹ ohun kan náà wò, báwo la ṣe lè fi iye kan sọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bára mu tó? Ìdáhùn tó kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni kí a ka iye ìgbà tí ẹnu wọ́n kò, kí a sì pín in fún iye gbogbo àwòrán. Ṣùgbọ́n iye yẹn lè tan ni jẹ. Ká ní dókítà méjì kò tilẹ̀ wo àwòrán rárá, tí oníkálukú kàn ń kọ "àrùn wà" sára márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ wọn yóò ṣì bára mu lórí nǹkan bí 90 nínú 100, torí pé "kò sí àrùn" ni àwọn méjèèjì ń kọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Èèṣì lásán ló mú ìbáramu yẹn wá, kò sí ìmọ̀ kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ yọ ti èèṣì kúrò. Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni iye tó yẹ ká yọ. Ní 1954, Bennett, Alpert àti Goldstein dábàá pé kí a gbà pé gbogbo ìdáhùn ló ní àǹfààní kan náà: bí ìdáhùn bá jẹ́ méjì, ti èèṣì jẹ́ ìdajì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, William Scott ní rárá, kí a wo bí àwọn olùyẹ̀wò méjèèjì lápapọ̀ ṣe ń lo ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ní 1960, Jacob Cohen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Niu Yọ́ọ̀kì, wo olùyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lú àṣà tirẹ̀. Iye tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kápà:

```
κ = (Po − Pe) / (1 − Pe)
```

Po ni ìdá ìfohùnṣọ̀kan tí a fojú rí, Pe sì ni èyí tí èèṣì nìkan lè mú wá. Àwọn mẹ́ta yìí kò yàtọ̀ síra àfi nínú Pe. Bí kápà bá jẹ́ 1, kò sí àtakò kankan. Bó bá jẹ́ 0, ìbáramu náà kò ju ti èèṣì lọ. Ó sì lè lọ sísàlẹ̀ òdo bí àwọn méjèèjì bá ń ta ko ara wọn ju bí èèṣì ṣe lè mú wọn ṣe lọ. Ní 1968, Cohen fi òmíràn kún un fún ìdáhùn tó ní ìpele, níbi tí àṣìṣe kékeré kò ti ní tó àṣìṣe ńlá.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ló kọ́kọ́ gbá a mú dáadáa. Ìdí wà fún un: ìwádìí tó fi Niu Yọ́ọ̀kì wé Lọ́ńdọ̀nù ti fi hàn pé àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń lo orúkọ sikisofiréníà fún àwọn aláìsàn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní nǹkan mìíràn. Lásìkò kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ṣe ìwádìí lórí àrùn yìí ní ibùdó mẹ́sàn-án, Ìbàdàn sì wà lára wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí dókítà ibì kan bá ń fi ojú tó yàtọ̀ wo aláìsàn. Ní 1974, Robert Spitzer àti Joseph Fleiss kó àwọn ìwádìí àtijọ́ jọ, wọ́n fi kápà tún wọn ṣírò, wọ́n sì rí i pé ìfohùnṣọ̀kan lórí ọ̀pọ̀ nínú orúkọ àrùn ọpọlọ kò tẹ́ni lọ́rùn.

Ní 1977 ni Landis àti Koch tẹ àkàsọ̀ tí gbogbo ayé ń lò dòní jáde: 0.21 sí 0.40 mọ níwọ̀n, 0.41 sí 0.60 wà láàárín, 0.61 sí 0.80 dára gan-an, èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Àwọn fúnra wọn sọ pé ààlà wọ̀nyí jẹ́ èyí tí àwọn kàn fà, pé kò sí ẹ̀rí kan tó bí i. Àwọn tó ń lò ó lẹ́yìn wọn ti fi ìkìlọ̀ yẹn sílẹ̀, èyí sì ń dùn mí, nítorí kò sí àkàsọ̀ kankan tó lè mọ ohun tó wà nínú àwọn àwòrán tí wọ́n kà.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ méjì tí mo ṣe láti fi ṣàlàyé. Dókítà méjì ka àwòrán àyà 100 ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn àyà, níbi tí àrùn ti wọ́pọ̀. Àwọn méjèèjì ní àrùn wà nínú 40, wọ́n ní kò sí nínú 50, ọ̀rọ̀ wọn sì ta kora lórí 10 yòókù, márùn-ún sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Po jẹ́ 0.90. Oníkálukú sọ "wà" lórí 45, nítorí náà Pe jẹ́ 0.45 × 0.45 + 0.55 × 0.55, ìyẹn 0.505. Kápà jẹ́ 0.80.

Àwọn méjèèjì tún lọ ka àwòrán 100 láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí ara wọn le. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àrùn wà nínú 2 péré, pé kò sí nínú 88, wọ́n sì tún ta kora lórí 10, márùn-ún sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Po ṣì jẹ́ 0.90. Ṣùgbọ́n oníkálukú sọ "wà" lórí 7, Pe sì gòkè dé 0.87. Kápà já wálẹ̀ sí 0.23.

Iye àtakò kò yí padà. Bí àrùn ṣe wọ́pọ̀ tó ló yí padà, àkàsọ̀ Landis àti Koch sì ti gbé àwọn dókítà kan náà kúrò ní "dára gan-an" lọ sí "mọ níwọ̀n". Alvan Feinstein àti Domenic Cicchetti ló pe àkíyèsí ayé sí i kíkankíkan ní 1990. Ní 1993, Byrt, Bishop àti Carlin dábàá àtúnṣe kan tó jẹ́ 2Po − 1. Nínú àpẹẹrẹ wa, yóò fún ilé ìwòsàn àti àwọn òṣìṣẹ́ ní 0.80 bákan náà. Ẹni tó bá wo ìtàn yóò rí i pé ti 1954 ló padà wá: ìdajì ni ó ń yọ fún èèṣì, láìka bí àrùn ṣe wọ́pọ̀ sí.

Ní tèmi, àtúnṣe yẹn nìkan kò tó. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́, ó kéré tán dókítà kan sọ "wà" lórí àwòrán 12, 2 péré ni wọ́n sì jọ sọ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ tí ìṣirò pa. Àrùn ni wọ́n ń wá, wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ìfohùnṣọ̀kan lórí "wà" jẹ́ 4/14, ìyẹn 0.29, lórí "kò sí" ó jẹ́ 176/186, ìyẹn 0.95. Iye méjì yìí sọ ohun tí 0.23 àti 0.80 kò lè dá sọ: àwọn dókítà yìí mọ àyà tó mọ́, ṣùgbọ́n kò dájú pé wọ́n mọ èyí tó ní àbàwọ́n.

Nítorí náà, ìròyìn tó péye máa ń gbé iye inú àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀: 2, 5, 5, 88. Láti inú wọn ni òǹkàwé ti lè ṣírò gbogbo ìyókù fúnra rẹ̀, kó sì rí bí "wà" ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Bí àtakò bá pọ̀ sí ìhà kan ju èkejì lọ, yóò rí i níbẹ̀ pẹ̀lú pé olùyẹ̀wò kan ń tètè sọ "wà" ju ẹnìkejì lọ, ohun kan tó lè mú kí kápà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni kápà, pẹ̀lú ààyè tí iye gidi ti lè wà. Fún àwọn òṣìṣẹ́ wa, ààyè náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ òdo, ó sì kọjá 0.5, nítorí pé àwòrán tí a rí "wà" lára wọn kéré jù. Àwòrán 100 dà bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ 12 péré ló gbé ìbéèrè náà dúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn dókítà yìí lè dá ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá àwòrán àwọn alárùn sí i, kí ó sì sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ kó wọn pọ̀ ni, torí pé kápà tó bá jáde níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí yóò jáde ní ibi iṣẹ́.