Ohun tí kì í jẹ́ kí iye LOTUSHAL15 jìnnà sí ohun tó wà nínú rẹ̀

Ìbéèrè yìí dé bá wa ní Ẹ̀sítéètì Dàda, Òṣogbo. Àpò ìpín hàláàlì yìí wọ ọjà ìpín Nàìjíríà ní ọdún 2014.

Ká ní ìpín ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ẹyọ kan tó ₦100, ṣùgbọ́n ọjà ń tà á ní ₦120. Alágbàtà ńlá tí wọ́n fọwọ́ sí yóò ra àwọn ìpín náà jọ, yóò kó wọn fún àpò, yóò gba ẹyọ tuntun, yóò sì tà á. Ẹyọ pọ̀ sí i, iye rẹ̀ wálẹ̀.

Bó bá já sí ₦80, yóò ra ẹyọ, yóò dá a padà fún àpò, yóò sì gba ìpín rẹ̀.

Bí ìpín bá ṣọ̀wọ́n, tàbí tí alágbàtà ò rí èrè níbẹ̀, àlàfo náà lè pẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó rà á, ẹ fi iye ọjà wé iye ohun-ìní ẹyọ kan tí àpò náà kéde.