Owó Tí A Rán àti Owó Tí Ó Dé: Séfà, Náírà àti Àwọn Ará Ilé

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1994, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń ná owó séfà parí ìpàdé wọn ní Dákà. Wọ́n kéde pé láti ọjọ́ kejì, fáráńkì kan ti ilẹ̀ Fáráńsé yóò máa jẹ́ 100 séfà dípò 50. Kò sí ẹni tí ó fi kọ́bọ̀ kan kún owó tí ó ń rán sílé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó tí àwọn ará ilé ń gbà ti di ìlọ́po méjì ní kíkà. Bóyá ó di ìlọ́po méjì ní níná ni ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Ìwọ̀n tí wọ́n yí padà ní Dákà ti pẹ́. Ọdún 1945 ni ìjọba ilẹ̀ Fáráńsé dá owó séfà sílẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1948, wọ́n fi séfà kan sí fáráńkì méjì. Nígbà tí Fáráńsé gé òdo méjì kúrò lára owó tirẹ̀ ní ọdún 1960, ìwọ̀n kan náà ni ó wá di fáráńkì titun kan sí 50 séfà. Láti ìgbà náà ni ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ tàbí ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó wà ní Parí ti mọ iye tí yóò dé ilé kí ó tó kúrò ní ilé ìfìwéránṣẹ́: a ó kàn fi 50 sọ iye fáráńkì di púpọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan ní Kétu. Ọmọ ilé náà kan wà ní Parí, ó ń rán 1 000 fáráńkì sílé ní oṣooṣù. Ṣáájú ìpàdé Dákà, 50 000 séfà ni ìyá rẹ̀ ń gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, 100 000. Ṣùgbọ́n ìyá náà ní oògùn tí ó ń lò, láti Fáráńsé ni oògùn ọ̀hún sì ti ń wá. Oògùn tí ó jẹ́ 20 fáráńkì níbẹ̀ ń ná oníṣòwò ní 1 000 séfà tẹ́lẹ̀, láìka owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Nísinsìnyí ó ń ná an ní 2 000. Ní ti oògùn, nígbà náà, ìyá kò rí èrè kankan: owó di méjì, iye oògùn náà di méjì. Iṣu, gàrí àti owó iṣẹ́ bíríkìlà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn náà gbówó lórí lọ́dún náà, ṣùgbọ́n wọn kò di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀ ni owó ọmọ Parí ti ní agbára ju ti àná lọ. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ìpàdé Dákà ṣe fún ilé kan, ohun tí ilé náà ń rà ni kí ó wò, kì í ṣe iye tí a kà sí wọn lọ́wọ́ nìkan. Ilé tí kò ní ọmọ ní Fáráńsé ra oògùn kan náà ní iye titun, láìsí ìlọ́po méjì kankan lọ́wọ́.

Nígbà tí Fáráńsé wọ owó yúrò ní ọdún 1999, wọ́n gbé ìwọ̀n ọdún 1994 lọ sínú rẹ̀: yúrò kan jẹ́ 655,957 séfà. Títí di òní, nọ́ńbà yìí ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ olóòótọ́. Kí a sọ pé ẹnì kan fẹ́ rán 200 yúrò. Ní ìwọ̀n òfin, 131 191 séfà ni. Ilé-iṣẹ́ kìíní sọ pé òun kì í gba owó ìránṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n 640 séfà ni ó ń ka yúrò kan sí: 128 000 ni yóò dé. Ilé-iṣẹ́ kejì gba yúrò 3, ó sì pààrọ̀ 197 tí ó kù ní ìwọ̀n òfin: 129 223 ni yóò dé. Èyí tí ó ní òun kò gba nǹkan ni ó gba jù. Ibi tí séfà ti so mọ́ yúrò, kò sí ọjà tí ń gòkè tí ń sọ̀. Ohunkóhun tí ó bá dín sí 655,957, owó iṣẹ́ ni, orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un. Owó ìránṣẹ́ tí kì í yí padà náà a máa le mọ́ ẹni tí ó rán díẹ̀: yúrò 3 lórí 200 kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n lórí 30 ó jẹ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ kejì ilé náà ńkọ́, èyí tí ó wà ní Èkó? Kò sí òfin tí ó so náírà mọ́ séfà. Ní oṣù Ògún ọdún 1993, báńkì àpapọ̀ tí ń tẹ séfà ti dẹ́kun gbígba àwọn ìwé owó rẹ̀ tí ó ti jáde kúrò ní àgbègbè séfà. Ọwọ́ àwọn tí ń pààrọ̀ owó ní ibodè ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà wà, iye tí wọ́n sì ń pè ń tẹ̀ lé iye tí wọ́n ń ra dọ́là lọ́jà, kì í ṣe èyí tí ìjọba kéde. Ní oṣù Ẹ̀bìbì ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà ń pe dọ́là ní nǹkan bí 460 náírà. Lọ́jà, ó ti lé ní 700. Nítorí náà 100 000 náírà tí ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 130 000 séfà ní ìwọ̀n ìjọba kò ju nǹkan bí 80 000 lọ ní ibodè. Ní oṣù Òkúdù, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Èrèlé ọdún 2024, dọ́là ti tó nǹkan bí 1 500 náírà, 100 000 kan náà sì ń mú nǹkan bí 40 000 séfà wá.

Ohun tí ìpàdé Dákà ṣe fún ilé ọmọ Parí ní alẹ́ kan, ọjà náírà ṣe òdì rẹ̀ fún ilé ọmọ Èkó láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Ìyá lè rò pé ọmọ ti gbàgbé òun, nígbà tí ọmọ kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú ohun tí ó ń rán; aáwọ̀ irú èyí ti wọ ọ̀pọ̀ ilé. Bí owó ilé bá dín, kí a kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta kí a tó bi ọmọ: èló ni ó fi sílẹ̀ níbẹ̀, ìwọ̀n wo ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, èló ni wọ́n sì yọ nígbà tí a ń gbà á níhìn-ín? Ìdáhùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fi hàn bóyá ọwọ́ ọmọ ni ó kúrú, tàbí ojú ọ̀nà ni owó sọnù sí.