Ilé ìkẹ́rùsí ni ọgbọ́n SPY ti wá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ilé ìkẹ́rùsí ni Nathan Most ti rí ọgbọ́n yìí: ẹrù á wà níbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n á máa tà. Ní 1993, SPY jáde ní Amẹ́ríkà, ìwé kan tó dúró fún ṣíà ilé-iṣẹ́ 500.

Ká ní SPY wà ní dọ́là 45, tí ẹrù inú rẹ̀ jẹ́ 44.80. Oníṣòwò tó láṣẹ á ra ṣíà wọ̀nyẹn, á kó wọn sílé ẹrù, á gba SPY tuntun 50,000, á tà á, á jèrè dọ́là 10,000. Títà yẹn ló ń fa iye wálẹ̀. Bí SPY bá rẹlẹ̀ ju ẹrù lọ ńkọ́? Á rà á, á dá a padà, á gba ẹrù.

Àmọ́ ní òwúrọ̀ 24 Oṣù Kẹjọ, 2015, ọ̀pọ̀ ṣíà ò tíì ṣí. Ta ló wá mọ iye ẹrù? Àwọn oníṣòwò fà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an. Àwọn tó fi ìbẹ̀rù tà nígbà yẹn ló jìyà ẹ̀.