Ìtúpalẹ̀ ewu inú iṣẹ́

Ìtúpalẹ̀ ewu inú iṣẹ́ jẹ́ ọ̀nà àyẹ̀wò tí a fi ń pín iṣẹ́ kan sí ìgbésẹ̀, tí a sì ń wo ohun tí ó lè pa òṣìṣẹ́ lára nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a tó pinnu bí a ó ṣe dènà rẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń mójú tó ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́ ní ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ọ̀nà yìí, èyí tí wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 2002. Àyọkà yìí lo pípààrọ̀ bátìrì fọ́kìlífìtì, ìyẹn ọkọ̀ agbẹ́rù tí a ń lò nínú ilé ìkẹ́rùsí, láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ìtúpalẹ̀ náà.

Iṣẹ́ tí a yàn

Ní ilé ìkẹ́rùsí tí iṣẹ́ kì í dúró, bátìrì tí iná rẹ̀ ti tán ni a máa ń yọ kúrò nínú ọkọ̀, a ó sì fi èyí tí ó ti gba iná rọ́pò rẹ̀. Bátìrì olójé tí a ń lò fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wọ̀n tó nǹkan bí 360 sí 1,800 kìlógíráàmù. Omi ásíìdì wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń tú afẹ́fẹ́ háídrójìn jáde nígbà tí ó bá ń gba iná. Nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í kíyè sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe mọ́. Ìdí nìyí tí ìtúpalẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe láti orí tábìlì ọ̀gá.

Pípín iṣẹ́ sí ìgbésẹ̀

Ẹni tí ó ń ṣe ìtúpalẹ̀ yóò dúró wo òṣìṣẹ́ bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, yóò sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yóò jọ ka àkọsílẹ̀ náà kí ohunkóhun má baà ṣẹ́ kù. Bí ìgbésẹ̀ bá pọ̀ jù, ìwé náà yóò gùn débi pé kò sí ẹni tí yóò kà á. Bí wọ́n bá kéré jù, ewu yóò fara pamọ́ sáàárín wọn. Fún ọkọ̀ tí a ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ bátìrì sórí pẹpẹ onírólà, ìgbésẹ̀ mẹ́fà tó:

1. Gbígbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, sísọ apá irin rẹ̀ kalẹ̀, fífa bíréèkì ọwọ́ àti yíyọ kọ́kọ́rọ́.
2. Ṣíṣí ìdérí àti yíyọ ẹnu wáyà bátìrì kúrò lára ọkọ̀.
3. Yíyọ irin ìdábùú àti fífa bátìrì sórí pẹpẹ.
4. Títi bátìrì tí ó ti gba iná wọlé àti dídá irin ìdábùú padà.
5. Síso wáyà pọ̀ àti dídán ọkọ̀ wò.
6. Síso bátìrì tí a yọ mọ́ ẹ̀rọ tí ń fún un ní iná.

Wíwá ewu

Kí a kọ «ásíìdì» tàbí «iná» nìkan kò tó. Àkọsílẹ̀ ewu gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò fara pa, ohun tí yóò fà á, àti bí yóò ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kejì, fún àpẹẹrẹ, a lè kọ ọ́ báyìí: «Sípánà bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó dábùú orí méjèèjì tí iná ń gbà jáde lára bátìrì, iná gba ọ̀nà àbùjá, irin náà gbóná ó sì ta ìpẹ́pẹ́, ó jó òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àti lójú.» Láti inú gbólóhùn yìí ni ìdènà yóò ti jáde.

Ìgbésẹ̀ yìí tún fi àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ hàn. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí a bá ti yọ ẹnu wáyà, iná ti kú. Ọkọ̀ nìkan ni kò ní iná mọ́; bátìrì fúnra rẹ̀ kò ṣeé pa, iná ṣì wà lórí rẹ̀ títí.

Ní ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkẹta, ìwọ̀n ni ewu tí ó tóbi jù. Bí bíréèkì kò bá di ọkọ̀ mú, àlàfo yóò ṣí sáàárín ọkọ̀ àti pẹpẹ, bátìrì sì lè já bọ́ síbẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ewu náà kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Bátìrì wà lára ohun tí ń mú kí ẹ̀yìn ọkọ̀ wúwo láti fi gbé ẹrù iwájú. Bí a bá fi èyí tí ó fúyẹ́ ju ìwọ̀n tí a kọ sára àwo ọkọ̀ sínú rẹ̀, ọkọ̀ lè dojú dé níbi tí ó ti ń gbé ẹrù ní wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ní ìgbésẹ̀ kẹfà, háídrójìn lè gbaná bí ó bá ti tó ìdá 4 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Yíyan ìdènà

Ètò kan wà tí a ń tẹ̀ lé: kí a kọ́kọ́ wò bóyá a lè mú ewu kúrò pátápátá tàbí kí a fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá ẹ̀rọ tàbí ohun tí yóò dá a dúró, lẹ́yìn èyí ni ìlànà iṣẹ́, ìgbẹ̀yìn sì ni aṣọ àti ohun èlò ààbò. Ìwé ìtúpalẹ̀ tí ó bá kọ «wọ ìbọ̀wọ́» síwájú gbogbo ewu kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Fún bíbọ́ sípánà, a ó fi rọ́bà bo orí bátìrì, a ó lo irinṣẹ́ tí a fi rọ́bà wé, òṣìṣẹ́ yóò sì bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Fún ìwọ̀n, ẹ̀rọ ni yóò fa bátìrì, kì í ṣe ọwọ́, ìkọ́ yóò sì so ọkọ̀ mọ́ pẹpẹ. Fún háídrójìn, fáànù yóò máa lé e jáde, nítorí pé ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ń kó jọ sábẹ́ àjà. A kò sì gbọdọ̀ fa wáyà yọ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń fún bátìrì ní iná. Fún ásíìdì, awò ìdáàbòbò ojú àti ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n omi ìfọjú gbọ́dọ̀ wà níbi tí a lè dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ó sì lè ṣàn fún ìṣẹ́jú 15.

Dídán an wò àti àtúnyẹ̀wò

A máa ń fún òṣìṣẹ́ mìíràn ní ìwé náà, a ó sì wò ó bí ó ti ń tẹ̀ lé e. Bí ó bá fi ọwọ́ fa bátìrì dípò ẹ̀rọ, a kì í kọ́kọ́ bá a wí. A ó bi í léèrè ìdí. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ẹ̀rọ náà wà jìnnà ni, ìwé kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ̀rọ ni a ó gbé súnmọ́ tòsí.

A ó tún ìtúpalẹ̀ náà ṣe bí ẹnì kan bá fara pa tàbí tí ó kù díẹ̀ kí ó fara pa, àti bí irú ọkọ̀ tàbí bátìrì bá yí padà. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù, fún àpẹẹrẹ, lè gba iná nínú ọkọ̀ nígbà ìsinmi òṣìṣẹ́, nítorí náà ó lè mú pípààrọ̀ kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ní ewu iná tirẹ̀, ìwé ti bátìrì olójé kò sì bo èyí mọ́lẹ̀.